Wọ́n ní kí n túmọ̀ àwòrán Wáásáàpù fún màmá tí kò gbọ́ píjìn. Kí ni kí n ṣe sí 💀?

Ọmọ_Gbági
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àǹtí mi tó ń ta áńkárá ní Gbági ní kí n kọ ọ̀rọ̀ inú skríìnṣọ́ọ̀tù kan sí Yorùbá tó yéni. Màmá ọmọ iṣẹ́ wọn ń bọ̀ ní Sátidé láti wá gbọ́ ẹjọ́ ọmọ rẹ̀, màmá náà kò sì gbọ́ òyìnbó, kò gbọ́ píjìn. Ọmọ iṣẹ́ ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lápá òsì. Mo ti yọ orúkọ wọn kúrò.

```
[òsì]   Hw far, u don send madam money?
[ọ̀tún]  madam ke 😂💀
[ọ̀tún]  sapa wan kill me abeg
[òsì]   u dey whine me
[ọ̀tún]  ngl I don chop 15k out of d money
[ọ̀tún]  but I go balance am b4 month end 🙏
[òsì]   Omo 😭😭
[òsì]   las las we go dey alright
[ọ̀tún]  🌚
```

Mo fi han Àǹtí, ojú wọn bọ́ sórí agbárí yẹn, wọ́n ní "Ṣé ó ń fi ikú wá mi ni?" Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa kọ eléyìí kí màmá lè gbọ́ ọ bó ṣe rí?

Dèjì_Challenge
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn yín balẹ̀. 💀 kì í ṣe ikú, ẹ̀rín ni, gbogbo ìgbà ni. Ẹ yọ àwọn ìmójì yẹn dànù, ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Hw far, báwo ni. Ngl, mi ò ní parọ́. Sapa, àìlówó lọ́wọ́. B4, kó tó. Ó tán, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Alhaji_Bẹẹrẹ
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ wá tìtorí ẹ̀ pe ìyá ọlọ́mọ láti ilé? Kí Àǹtí máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún un. Láàárín oṣù mẹ́ta, á ti tán. Èmi náà ti ṣe é fún ọmọ iṣẹ́ rí.

Ọmọ_Gbági
Alhaji, ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ owó wà lọ́wọ́ Àǹtí, kíkọ ni wọ́n rán èmi.

ÌyáÌbejì_Mólété
Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ tèmi o. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó wà nílé ìwé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kọ ọ́ sí mi pé "Mummy im dead 💀💀". Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. N ò tiẹ̀ pè é padà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo gbé gèlè sórí, mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ Ojóo kí n lọ wọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tó fi pè mí pé "Mọ́mì, ṣé ẹ rí fídíò tí mo fi ránṣẹ́?" Fídíò ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀rín ló ń pa ọmọ.

Torí náà, ẹ má ka agbárí yẹn sétí màmá yẹn lásán o. Ìyá ni.

Dèjì_Challenge
😂😂 Mummy ẹ pa mí.

ÌyáÌbejì_Mólété
Ìwọ náà ti kú nìyẹn.

Ògbufọ̀_Mápó
Ẹ kúulé o. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí Wáásáàpù, ṣùgbọ́n àṣìṣe tá à ń ṣe nígbà yẹn náà ni mo ń rí níbí. Ògbufọ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, á wá fi òye tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé òye tòun lòun ń sọ.

Ohun tí Dèjì sọ nípa agbárí yẹn dára níbi tó dé yìí. Ó tẹ̀lé ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó sì wà nídìí rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Yorùbá ò tiẹ̀ nílò kẹ́nì kan kọ́ òun lédè yìí. Àwa náà ń sọ pé "ẹ̀rín pa mí", kò sì sẹ́ni tó ń sáré lọ ra pósí. ÌyáÌbejì, ẹ ò rí i pé ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ sókè yìí: ẹ̀rín ló ń pa ọmọ. Òun ló bá a mu, mi ò sì ní wá òmíràn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn Dèjì ni "gbogbo ìgbà ni". Bí ẹni méjì bá ń jà, tí ọ̀kan wá kọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀, tó fi agbárí kan ṣoṣo tì í, tí kò sí ẹ̀rín níwájú, tí kò sí lẹ́yìn, èmi ò ní kọ ẹ̀rín síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ohun báyìí ni.

Mo tún yà níbi yíyọ dànù. Ẹ yọ ìmójì kúrò nínú ìlà kejì, kó ku "Màdáámù kẹ̀!" nìkan. Ó ti di àrífín pátápátá, ó dà bí ẹni tó yọ ètè sí ọ̀gá rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú ìlà ìkẹyìn, kò sóhun tó kù, màmá ò sì ní mọ̀ pé ọmọ òun fèsì. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé a ó pín ìwé sí ọ̀nà méjì. Lápá kan, ìlà náà bó ṣe wà, pẹ̀lú nọ́ńbà. Lápá kejì, Yorùbá rẹ̀, níbi tí ìmójì bá sì wà, ẹ ṣàpèjúwe ohun tójú rí sínú àkámọ́: [ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, agbárí òkú]. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ ìlà, ẹ kọ "òye mi", kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó dúró fún. Ohun tójú rí ò ní àríyànjiyàn. Òye ló ní.

Kó tó dìgbà náà, ìbéèrè kan. Ta ló ya àwòrán yẹn, orúkọ ta ló sì wà lókè rẹ̀?

Ọmọ_Gbági
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ló fi ránṣẹ́ sí Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n wo orúkọ òkè. Mo ń bọ̀ sà.

Ohun tí mo kọ nìyí ná. Àǹtí jókòó tì mí, wọ́n sì ń dá sí i:

1. Báwo ni? Ṣé o ti fi owó màdáámù ránṣẹ́?
2. Màdáámù kẹ̀! [ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, agbárí òkú]
3. Ìṣẹ́ fẹ́ pa mí, jọ̀ọ́.
4. O ń tàn mí.
5. Mi ò ní parọ́, mo ti jí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó náà.
6. Ṣùgbọ́n màá dá a padà kí oṣù tó parí. Ọlọ́run á ṣe é.
7. Ọmọ [ojú tó ń sunkún kíkankíkan, ẹ̀ẹ̀mejì]
8. Nígbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ á dáa fún wa.
9. [òṣùpá dúdú tó lójú]

Ògbufọ̀_Mápó
"Jí" ìlà karùn-ún, ta ló ni ín, ìwọ tàbí Àǹtí?

Ọmọ_Gbági
😅 Àǹtí ni sà. Èmi ti kọ́kọ́ kọ "jẹ".

Ògbufọ̀_Mápó
Mo mọ̀. Ọwọ́ olówó ti wọ inú ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn kọ ni "chop". Nínú píjìn, èèyàn lè chop owó rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ná an, ó lè chop owó ìjọba, ìyẹn ni pé ó kó o jẹ. Kò sọ "thief", kò sọ "steal". Bó o bá kọ "jí", o ti dájọ́ kí màmá tó jókòó. Bó o bá sì kọ "yá", o ti gbèjà ọmọ. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ.

"Jẹ" ló súnmọ́ ọn jù, àmọ́ ẹ kíyè sí i, nítorí ẹnu màmá ni yóò ti jáde. "Mo jẹ màdáámù lówó" túmọ̀ sí pé gbèsè wà lọ́rùn mi. "Mo jẹ owó màdáámù" túmọ̀ sí pé mo kó o mì. Ibi tí "owó" bá wà ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Èmi á kọ "mo ti ná ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó náà". Lábẹ́ rẹ̀, màá kọ sí òye mi pé: ọ̀rọ̀ tó lò ni "chop", ó lè jẹ́ ná, ó lè jẹ́ kó jẹ, ìlà tó tẹ̀lé e ló sọ pé yóò dí i.

ÌyáÌbejì_Mólété
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí "ná" yìí. Owó tí kì í ṣe tèmi, tí wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́, tí mo wá ná, n ò ná an, mo jẹ ẹ́ ni. Ọmọ yẹn náà mọ̀, òun ló fi ní òun ò ní parọ́. Ẹni tó ná owó ara rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mi ò ní parọ́".

Ògbufọ̀_Mápó
Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹ ṣeun. Ngl yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ngl bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n á ní "ngl, dòdò yìí dùn". Kí ló fẹ́ jẹ́wọ́ nínú dòdò? Ẹ jẹ́ kí àbúrò wa kọ "jẹ", bí ọkàn yín bá balẹ̀ lórí rẹ̀, kó sì kọ òye méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Èmi ṣì wà lórí "ná".

Dèjì_Challenge
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìlà 7. "Omo" yẹn kì í ṣe ọmọ o! Bẹ́ ẹ bá kà á báyẹn, màmá á rò pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun ló ń pe òun lọ́mọ, tàbí pé oyún ti wọ̀ ọ́. Igbe ni. "Háà!" ni kẹ́ ẹ kọ.

ÌyáÌbejì_Mólété
Ó tì o! Oyún kẹ̀. Dèjì, òótọ́ ni o, mi ò tiẹ̀ rí i. Ojú Yorùbá ni mo fi ń kà á lọ.

Ògbufọ̀_Mápó
Ó dáa bẹ́ẹ̀, Dèjì. Èyí tó dà bí èdè wa ló máa ń gbá ògbufọ̀ mú, torí kò sẹ́ni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. "Ke" àti "o" wá láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé. "Omo" ti jáde nílé, kò padà mọ́.

Ìlà kẹrin, "o ń tàn mí" ti le jù. "U dey whine me" kì í ṣe ẹ̀tàn gidi, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́ ni. "Àwàdà lò ń bá mi ṣe" á gbé e. Bó bá wà ní "o ń tàn mí", yóò dà bíi pé ọ̀rẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń fẹ̀sùn kàn án.

Ìlà kẹfà, ibo lo ti rí Ọlọ́run?

Ọmọ_Gbági
Láti ara 🙏 ni sà. Ṣé kì í ṣe àdúrà ni?

Ògbufọ̀_Mápó
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún lè jẹ́ "jọ̀ọ́, má sọ fún un". Ó lè jẹ́ "o ṣé". Àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé ni, orúkọ tí àwọn tó ń ṣètò ìmójì gan-an fún un kò ju ìyẹn lọ, wọn ò dárúkọ àdúrà. Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀rẹ́ bo òun láṣìírí, ẹjọ́ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ àdúrà, ẹjọ́ yàtọ̀. Nítorí náà, kọ [àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé], kó o sì fi sí òye mi pé ẹ̀bẹ̀, ọpẹ́ tàbí àdúrà, kò dájú. Bí màmá bá fẹ́ mọ̀, ọmọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Kó bi í.

Bákan náà ni ojú tó ń sunkún nínú ìlà keje. Lọ́wọ́ àgbà, ẹkún ni. Lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún, ó lè jẹ́ ẹ̀rín tó pọ̀ jù, ó lè jẹ́ "ó mà ṣe o". "Háà" tó wà níwájú rẹ̀ kò yà á sọ́tọ̀. Má ṣe mú ọ̀kan fún wọn.

Alhaji_Bẹẹrẹ
Ẹ̀yin wọ̀nyí, wákàtí mélòó lẹ ti lò lórí ojú tó ń sunkún? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ti lè di ogún báyìí.

Ọmọ_Gbági
😂 Mo ti dé. Mo ti wo àwòrán náà dáadáa. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lókè. Máàkì méjì aláwọ̀ búlúù wà lára gbogbo ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún, kò sí lára tòsì. Mo tún rí ohun kan tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀: lára ìlà 5, ibi tí àkókò wà, wọ́n kọ `Edited` síbẹ̀. Lókè pátápátá, wọ́n kọ `Yesterday`. Àǹtí gba àwòrán náà ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí.

Ògbufọ̀_Mápó
Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn.

Nínú Wáásáàpù, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù ló ń wà lápá ọ̀tún, tirẹ̀ nìkan ló sì ń ní máàkì. Orúkọ tó wà lókè ni ti ẹni kejì. Torí náà, o tọ̀nà pé ọmọ iṣẹ́ ló wà lọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀rẹ́ tó wà lókè fi hàn pé inú fóònù ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán náà. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí láti ọwọ́ ọ̀rẹ́. Báwo ló ṣe débẹ̀? Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ọmọ náà lè ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìdí tirẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ti gbé fóònù rẹ̀. Kọ ọ́ sókè ìwé rẹ pé: inú fóònù ẹni tó wà lápá ọ̀tún ni a ti ya àwòrán yìí, ọwọ́ ẹni tó wà lápá òsì ni a ti gbà á. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

`Edited` túmọ̀ sí pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Wáásáàpù ń gba èèyàn láyè ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún wa. Ó lè jẹ́ pé ó gé ọ̀rọ̀ kan ní ìdajì, ó sì tún un kọ. Ó sì lè jẹ́ pé iye owó ló yí padà. Kọ ọ́ sí Yorùbá, má fò ó: [wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ yìí kọ lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́]. Ó jẹ́ ara ohun tó wà lójú fóònù bíi ti ọ̀rọ̀ yòókù.

`Yesterday`, má kọ "àná" sílẹ̀ lásán, torí Sátidé ni màmá máa gbọ́ ọ, á rò pé Fúráìdé ni. Àná ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí Àǹtí gbà á náà ni wọ́n yà á, a jẹ́ pé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá ni ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ yìí, á wá ṣòro láti mọ oṣù wo ló ní òun á dí owó náà kó tó parí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti yà á tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tó dá ti kọjá nìyẹn. Ẹ wo ọjọ́ náà lórí fóònù ọmọ fúnra rẹ̀, bó bá fi lè hàn yín.

ÌyáÌbejì_Mólété
Ẹ̀hẹ́n! Èmi ti ń wò ó pé ọ̀rẹ́ wo ló ń gbé irú nǹkan báyìí lọ bá ọ̀gá ẹni.

Ògbufọ̀_Mápó
Ìyẹn kò sí nínú ìwé o, ÌyáÌbejì.

Ọmọ_Gbági
Mo ti tún un kọ, ọ̀nà méjì bẹ́ ẹ ṣe wí. Ìlà 5 báyìí: "Mi ò ní parọ́, mo ti jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó náà [wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ yìí kọ lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́]. Òye mi: 'chop', ó lè jẹ́ ná, ó lè jẹ́ kó jẹ." Ìlà 6: "Ṣùgbọ́n màá dí i kí oṣù tó parí [àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé]. Òye mi: ẹ̀bẹ̀, ọpẹ́ tàbí àdúrà, kò dájú." Àǹtí bínú pé mo yọ "jí" kúrò, àmọ́ wọ́n ti gbà.

Ó ku ìlà 9. Òṣùpá dúdú tó lójú yẹn, kí ni kí n kọ sí òye mi?

Dèjì_Challenge
Ìwà ìkà ni ẹ̀gbọ́n 😂 àbí kí n sọ pé àrékérekè. Ó kọ́kọ́ ní òun á dá owó padà, ó wá fi 🌚 tì í. Kò ní dá kọ́bọ̀ padà.

Ògbufọ̀_Mápó
Tàbí ìtìjú. Tàbí pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọ ọmọ mi fi sábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀, mo sì ti rí i tó fi dáhùn nígbà tí mo ní kó wá fọ abọ́. Kọ "kò dájú", kó o má ṣe gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌyáÌbejì_Mólété
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mo ní kí ni òṣùpá dúdú yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní "Mọ́mì, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?" Mo ní kó dá mi lóhùn. Ó ní ó sinmi lórí ẹni tó fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá ó wá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èmi náà. Mi ò tíì mọ ohun tó ń bá mi sọ.